Bí mo ṣe fa bọ̀hóòlù sólà lé abúlé lọ́wọ́ kí owó ìrànwọ́ tó tán

Abúlé olóko kòkó kan lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè ni a ti gbẹ́ bọ̀hóòlù yìí. Oṣù Kejìlá ni owó ìrànwọ́ máa parí, ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ètò bí abúlé ṣe máa gbà á, torí mo ti rí bọ̀hóòlù púpọ̀ tó dákẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń tu owó pọ́ńpù jọ.

Ìṣirò ni mo kọ́kọ́ ṣe. Páànẹ́lì sólà lè lò tó ogún ọdún, pọ́ńpù inú ilẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Pọ́ńpù tuntun jẹ́ 900,000 náírà nígbà náà. Mo pín in sí ọdún 6, ó di 150,000 lọ́dún. Owó ẹni tó ń ta omi àti àtúnṣe kéékèèké jẹ́ 25,000 lóṣù, ìyẹn 300,000 lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀, 450,000. Bí wọ́n bá ń pọn kẹ́ẹ̀gì 2,500 lóṣù, náírà 15 ló yẹ kí kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́. A fi í sí 20.

Èmi ti fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá owó lóṣooṣù. Ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ omi ní, "Ọmọ mi, owó kòkó kì í wọlé kó tó di ìgbà ìkórè. Ẹni tó bá pọn omi ni kó sanwó." Ìmọ̀ràn rẹ̀ la tẹ̀ lé.

Láti oṣù Keje a ò fi owó ìrànwọ́ sanwó ohunkóhun níbẹ̀ mọ́, ìgbìmọ̀ ló ń ná owó omi. Lóṣooṣù mo ń fi mítà wé ìwé títà. Oṣù àkọ́kọ́, mítà ka lítà 62,500, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 2,500, ṣùgbọ́n 1,900 ló wà nínú ìwé. Páìpù kò jò. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń pọn ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́. A gbà pé kí wọ́n máa pọn ọ́n lọ, kí wọ́n sáà máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì 1,900 ní náírà 20 jẹ́ 38,000 lóṣù, 456,000 lọ́dún, ó ká owó tí a nílò. Ká ní 15 la fi sí i ni, 342,000 péré ni ì bá jẹ́.

Ìwé ló kù. Ìdílé tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ bọ̀hóòlù ti di ti abúlé. Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn tó fún wa lówó pé wọ́n gbà kí ẹ̀rọ náà di ti abúlé, torí ohun tí a fi owó wọn rà kò ṣeé fà fún ẹlòmíì láìgbàṣẹ. Mo kọ jíjìn kànga, ibi tí pọ́ńpù rọ̀ sí àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú ìwé kan, kí mẹkáníìkì tó bá dé lẹ́yìn wa lè mọ bí páìpù tó máa fà jáde ṣe gùn tó. Owó pọ́ńpù wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní Àkúrẹ́: ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i, ó kéré tán méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.

Bí pọ́ńpù bá kú lópin ọdún kejì, nǹkan bíi 300,000 péré ló máa wà nílẹ̀. A kọ ọ́ sínú àdéhùn pé lẹ́yìn ìkórè kòkó, ilé kọ̀ọ̀kan yóò dá ìyókù.