Iye tó kù fún ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń dàrú nínú Excel

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Nyanya, àwa 38 la wà níbẹ̀. Inú Excel ni mo ń kọ owó sí bí wọ́n ṣe ń san án. `=E2+D3` ni mo fi ń wá iye tó kù. Owó ẹnìkan ń wọ inú ti ẹlòmíràn, ìgbà tí mo sì tò ó ní orúkọ-orúkọ, gbogbo rẹ̀ dàrú, `#VALUE!` sì ń hàn.

Ìdáhùn: Ìlà tó wà lókè ni fọ́múlà yẹn ń wò, kò mọ ẹni tó ni ín. Bí ìlà òkè bá jẹ́ ti ìyá aláṣọ, tí ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ti awakọ̀, orí owó ìyá aláṣọ ló máa ka owó awakọ̀ lé. Nígbà tí ẹ sì tò ó, ìlà tó bọ́ sókè pátápátá bẹ̀rẹ̀ sí í ro owó pọ̀ mọ́ àkọlé òpó, ìyẹn ló ń fa `#VALUE!`.

Ẹ to òpó yín báyìí: A fún ọjọ́, B fún nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, C fún irú owó, D fún iye, E fún iye tó kù. Nọ́ńbà ni kí ẹ lò, kì í ṣe orúkọ, torí ẹni tí ẹ kọ ní Risi lónìí tí ẹ kọ ní Risikat lọ́la, ènìyàn méjì ni lójú Excel. Ẹ fi lẹ́tà ṣáájú nọ́ńbà náà, bíi M14. Ní òpó C, F ni ìfowópamọ́, Y ni ojú owó tí wọ́n yá, E ni èlé. Owó tí wọ́n bá yọ nínú ìfowópamọ́, àti ojú owó tí wọ́n bá san padà, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ìyọkúrò. Lẹ́yìn náà ẹ kọ èyí sí E2, kí ẹ fà á wálẹ̀:

```
=SUMIFS(D$2:D2,B$2:B2,B2,C$2:C2,C2)
```

Àmì `$` ló di ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ìlà 2, òpin ń bá ìlà kọ̀ọ̀kan rìn. Nítorí náà, owó ẹni náà nìkan, irú owó yẹn nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìlà tí ẹ wà, ló ń kà.

Ẹ wo M14. Ó san 10,000 ní oṣù kìíní, ó san 10,000 ní oṣù kejì, F rẹ̀ di 20,000. Ó wá yá 40,000 fún oṣù márùn-ún, èlé rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 2,000. Ní oṣù kẹta ó mú 18,400 wá. Ibí ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ti ń ṣìṣe: wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan. Ìlà mẹ́ta ni: F 10,000, Y -8,000, E 400. F á di 30,000, gbèsè á ku 32,000. Ẹ má yọ gbèsè kúrò nínú ìfowópamọ́ rẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ rí.

Bí ẹ bá fẹ́ wo ẹnìkan ṣoṣo, ẹ lo Filter dípò kí ẹ tún ìwé tò. Filter kàn ń fi àwọn ìlà yòókù pamọ́ ni, ọjọ́ ò ní ṣí nípò.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é, ẹ ṣeun. Àmọ́ F ti M14 ṣì wà ní 20,000 lẹ́yìn tí ó san ti oṣù kẹta. Mo rí 10,000 náà lójú ìwé.

Ìdáhùn: Ẹ wo 10,000 yẹn dáadáa. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ òsì àpótí rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ni Excel kà á sí. Ó lè jẹ́ pé àlàfo wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí lẹ́tà O ló wà níbi òdo. SUMIFS máa ń fo irú rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti mọ iye irú ìlà bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ìwé, ẹ kọ èyí sí àpótí òfìfo kan:

```
=COUNTA(D2:D2000)-COUNT(D2:D2000)
```

Òdo ló yẹ kó fi hàn. Bí ó bá jẹ́ 3, ìlà mẹ́ta ni ẹ máa tún tẹ̀, nọ́ńbà nìkan, láìfi kọ́mà tàbí «naira» sí i.

Bí ó bá jẹ́ òdo tí iye ò sì tọ́, òpó B ni kí ẹ yẹ̀ wò: «M14» tí àlàfo wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe M14. Ẹ lo Data Validation, kí ẹ yan List, kó jẹ́ pé ẹ ó máa mú nọ́ńbà láti inú àkójọ 38 náà ni, kì í ṣe pé ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́.

Ní ìparí oṣù, nínú òpó D, ẹ kó gbogbo F jọ, ẹ yọ gbogbo Y kúrò, ẹ fi gbogbo E kún un. Bí ẹgbẹ́ ò bá ní ìnáwó mìíràn, iye yẹn gbọ́dọ̀ bá owó tó wà ní báńkì àti lọ́wọ́ akápò mu, dé orí kọ́bọ̀.