Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń túmọ̀ èsì fáírà lóòdù nílẹ̀ Okun

Ní ìwọ̀ oòrùn Kogi, láti Kàbbà dé Mọ̀pà, Ìsánlú títí lọ dé Ẹ̀gbẹ̀, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV lè má gbọ́ Yorùbá rárá. Ó lè jẹ́ ọmọ Ígálà, ó lè jẹ́ Ídómà. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítòsí ni wọ́n máa ń pè kó wá bá wọn túmọ̀: òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, ẹni tó ń tọ́jú fáìlì, nígbà mìíràn ọmọ aláìsàn fúnra rẹ̀. Èèyàn lè rò pé ọjọ́ tí èsì burúkú bá jáde ni iṣẹ́ náà le jù. Lójú tèmi, ọjọ́ tí èsì bá dára ni ewu wà, torí ayọ̀ máa ń mú kí òǹgbufọ̀ sọ ju ohun tí wọ́n ní kó sọ lọ.

Fáírà lóòdù ni iye kòkòrò HIV tí ẹ̀rọ kà nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn máa ń ṣe àyẹ̀wò yìí lẹ́yìn oṣù 6, á tún ṣe é lẹ́yìn oṣù 12, lẹ́yìn náà á di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún bí nǹkan bá ń lọ déédéé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta gàrí lọ́jà Kàbbà ṣe àpẹẹrẹ. TLD ló ń lò, hóró kan lójúmọ́, tí wọ́n pa tenófófíà, lamifúdíìnì àti dolutẹgíráfíà pọ̀ sínú rẹ̀. Lóṣù kẹfà, ìwé èsì rẹ̀ dé. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni `Target Not Detected`. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé, òǹgbufọ̀ wá kọjú sí màmá: “Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o! Ẹ̀jẹ̀ yín ti mọ́, wọn ò rí kòkòrò kankan níbẹ̀ mọ́.”

Àṣìṣe méjì ló wà nínú gbólóhùn kan yẹn. Tí a bá ní ẹ̀jẹ̀ ti mọ́, a ti sọ fún màmá láìmọ̀ pé ó dọ̀tí tẹ́lẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ń bú irú wọn. Èkejì ló burú jù. Màmá gbọ́ pé kòkòrò ti tán, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe tí àìsàn bá ti lọ: ó gbé ike oògùn sábẹ́ àpótí. Tó bá jẹ́ ẹni tó máa ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ á ti bá a dúpẹ́ kí oṣù tó parí.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan lè ní kó lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò aládàáni. Wọ́n gún un níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí páálí àyẹ̀wò, ìlà méjì ló yọ, ìyẹn ni pé HIV ṣì wà. Kí ni màmá máa rò? Àbí ilé ìwòsàn parọ́ fún mi ni? Kẹ́ ẹ sì máa wò ó, kò sí irọ́ nínú àyẹ̀wò méjèèjì. Páálí yẹn kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Àmì tí ara fi ń bá kòkòrò jà ló ń wá, àmì yẹn kì í sì í kúrò lára bó ti wù kí oògùn ṣiṣẹ́ tó. Fáírà lóòdù ló ń ka kòkòrò. Òǹgbufọ̀ tó bá sọ “ẹ ti di nẹ́gétíìfù” ti da àyẹ̀wò méjì pọ̀ mọ́ra, òun ló sì máa kọ́kọ́ pàdánù ìgbàgbọ́ màmá.

Nígbà tí màmá fi ń ṣe ìwọ̀nyí, kòkòrò ti padà. Oògùn kì í lé gbogbo rẹ̀ jáde. Díẹ̀ máa ń sá pamọ́ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara níbi tí oògùn kò ti lè pa á, bíi gbòǹgbò koríko tí iná ọ̀ẹ̀rùn jó orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹ̀rọ tún máa ń rí i. Tí màmá bá padà wá tí èsì rẹ̀ jẹ́ 46,000, kó má yà wá lẹ́nu.

Báwo ló ṣe yẹ ká sọ ọ́? Mo máa ń gba àwọn tí wọ́n ń túmọ̀ níyànjú pé kí wọ́n pín in sí gbólóhùn kéékèèké, kí wọ́n sì jẹ́ kí oògùn ṣíwájú: “Mà, oògùn tí ẹ ń lò ti ṣiṣẹ́. Kòkòrò ti kéré nínú ẹ̀jẹ̀ yín débi pé ẹ̀rọ ò lè kà á. Kò tíì tán lára o. Oògùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá dá oògùn dúró, á tún pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.” Lẹ́yìn náà, ẹ má béèrè bóyá ó ti yé wọn, torí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún yín kò ní sọ pé kò yé òun. Ẹ bi wọ́n pé: “Tí ẹ bá délé lálẹ́ òní, kí lẹ máa ṣe sí oògùn yín?” Ìdáhùn wọn ló máa sọ fún yín bóyá ẹ túmọ̀ tàbí ẹ ò túmọ̀.

Gbólóhùn kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òǹgbufọ̀ máa ń fò nítorí ìtìjú. Nọ́ọ̀sì á sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ kò bá ti rí kòkòrò, tí ẹni náà sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, kò lè kó o ran ẹni tó ń bá lò pọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba. Ṣùgbọ́n òǹgbufọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ sì tó ìyá rẹ̀, ló bá gé e kúrò, ó ní “ara yín ti le báyìí.” Obìnrin tó ń sá fún ọkọ rẹ̀ láti ọdún méjì wá, ìyẹn gan-an ló fẹ́ gbọ́. “Tí ọkọ àti ìyàwó bá sùn pọ̀, kò lè ti ara yín dé ara wọn” tó, kò sì sí ọ̀rọ̀ àìtọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má kàn nà án kọjá ibi tó mọ: ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ nìkan lèyí. Fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ewu máa ń dín kù gan-an, àmọ́ a ò lè sọ pé kò sí rárá. Kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtọ̀sí tàbí oyún.

Ní ti nọ́ńbà, àwọn tó ti pẹ́ lórí oògùn mọ sójà ara tí wọ́n ń pè ní CD4. Bí ìyẹn bá ṣe ń gòkè ni inú wọn ń dùn. Tí ẹ bá wá sọ fún wọn pé fáírà lóòdù já láti 800 sí 40, ojú wọn lè rẹ̀wẹ̀sì. Kẹ́ ẹ tó dárúkọ nọ́ńbà kankan, ẹ kọ́kọ́ ní, “Èyí tí a fẹ́ kó wálẹ̀ nìyí.”

Bí èsì bá ga, 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni ìjókòó mẹ́ta pẹ̀lú olùdámọ̀ràn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn náà wọ́n á tún àyẹ̀wò ṣe. Ibí yìí ni òǹgbufọ̀ ti máa ń di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Olùdámọ̀ràn béèrè pé kí ló ń dí wọn lọ́wọ́, òǹgbufọ̀ á ní: “Wọ́n ní kí ló dé tí ẹ kì í gbọ́ràn?” Lójú ẹsẹ̀ ni bàbá á búra pé òun kò fi oògùn sílẹ̀ rí, ìjókòó náà sì ti parí nìyẹn. Ẹ bi wọ́n bí ẹni tó mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀: “Bàbá, kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ò rí oògùn lò?” Ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ pé wọ́n lọ sí oko, wọ́n sì sùn síbẹ̀, tàbí pé àlejò wà nílé, wọn ò fẹ́ kó rí ike.

Tàbí kẹ́ ẹ gbọ́ pé ebi ló fà á. Èyí ń dùn mí, torí ọwọ́ àwa tí à ń túmọ̀ ló ti sábà máa ń wá. Ó ti mọ́ wa lára láti fi “lẹ́yìn oúnjẹ” kún ìlò oògùn gbogbo, bí nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. TLD kò béèrè oúnjẹ. Ẹni tó gbọ́ “lẹ́yìn oúnjẹ” máa fò ó lọ́jọ́ tí kò bá sí oúnjẹ alẹ́, á sì tún fò ó tó bá ń gbààwẹ̀. Ohun tó yẹ ká rántí sọ, tí a kì í sọ, ni oògùn ẹ̀jẹ̀ aláyọ́ọ̀nù, kálísíọ́mù àti antásíìdì, ìyẹn oògùn tó ń rọ ásíìdì inú lójú: wọn kì í jẹ́ kí dolutẹgíráfíà wọ ara dáadáa. Kí wọ́n lo TLD ní wákàtí 2 ṣáájú wọn, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn. Aláboyún ló nílò ìsọfúnni yìí jù, torí òun ni wọ́n ń fún ní aláyọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìlú wa kò tóbi. Ẹlòmíì á wọ mọ́tò láti Ìsánlú dé Lọ́kọ́ja lọ gba oògùn tí wọ́n ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ nítòsí ilé, nítorí pé ẹni tó ń tọ́jú fáìlì níbẹ̀ jẹ́ ìbátan àna rẹ̀. Nítorí náà, kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aláìsàn nìkan, láìsí ẹni tó bá a wá, bóyá ó gbà kí ẹni yìí túmọ̀ fún òun. Ẹ má fi ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ ṣe òǹgbufọ̀ torí pé wọ́n ti wà níkàlẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ ará abúlé kan náà pẹ̀lú aláìsàn, ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì yẹra tó bá fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ kí ìwé ìlera ẹni tó ní HIV wà lábẹ́ àṣírí wà nínú òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 lòdì sí ìyàsọ́tọ̀.

Tí ẹ bá pàdé níbi ìnáwó, ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kí yín. Tó bá ní “Okun o”, ẹ dáhùn, kẹ́ ẹ kọjá. “Ṣé ẹ ń lo nǹkan yẹn dáadáa?” kì í ṣe ìbéèrè tí a ń bi èèyàn nídìí àga lábẹ́ kánópì.

Fóònù ló ń tú àṣírí jù báyìí, torí ọmọ ló sábà máa ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún ìyá. “Mà, èsì yín ti jáde” ti sọ púpọ̀ jù, “ẹ má gbàgbé oògùn yín” náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wọn ṣàdéhùn ní ilé ìwòsàn nípa ohun tí ẹ máa kọ, irú bíi “Ẹ káàsán mà, ẹ pè mí tí àyè bá yọ.” Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, nítorí ẹni tó bá di fóònù mú ló máa tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Tí ẹ bá pè tí ọmọ ló gbé e, ẹ ní ẹ kàn fẹ́ kí wọn ni, pé ẹ máa tún pè.