Bí Mo Ṣe Wá Ẹni Tó Ni Báńkì Bàbá Mi

Lẹ́yìn tí bàbá mi dolóògbé, ìwé ẹ̀rí ṣíà First Bank mẹ́ta la bá nínú àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Màámi ló ń tọ́jú wọn láti ìgbà náà. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún 2021 ń parí lọ, wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá ti ra First Bank, ni wọ́n bá pè mí. "Ṣé wọ́n ti ta báńkì elérin ni? Ṣíà bàbá yín wá ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí n lọ wò ó dáadáa.

Orúkọ First Bank gan-an ni mo kọ́kọ́ ń wá, ibẹ̀ ni mo sì ti fi àkókò ṣòfò. Báńkì tí a máa ń wọlé lọ gbowó yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín, ẹni náà kì í sì í ṣe èèyàn. FBN Holdings ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lórí ní ọdún 2012. Ṣíà tí bàbá mi rà ní ti báńkì ti di ti Holdings láti ọdún yẹn. Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ni báńkì náà, àfi kó gòkè lọ sọ́dọ̀ Holdings, kó wá béèrè àwọn tó ni ìyẹn.

Ọjà ìpín-ìdókòwò ni wọ́n ti ń ta ṣíà Holdings, ìyẹn ló sì mú iṣẹ́ mi rọrùn, torí ilé-iṣẹ́ tó bá wà lọ́jà yẹn kò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ tán. Mo lọ sí ngxgroup.com, mo ṣí ibi tí wọ́n pè ní Corporate Disclosures, mo tẹ FBNH, orúkọ kúkúrú tí Holdings ń jẹ́ lọ́jà nígbà náà. Ìṣirò owó wọn ti oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo fo èrè àti gbèsè kọjá, mo lọ tààrà sí ojú ìwé tí wọ́n kọ Shareholding Structure/Free Float Status sí lórí. Àpapọ̀ ṣíà ló wà lókè. Orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdá 5 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni iye tí àwọn ọ̀gá tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí ní, èyí tó wà lórúkọ ara wọn lọ́tọ̀, èyí tó wà lórúkọ ilé-iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀.

Ìdá 5 yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA, sọ pé ẹni tó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ilé-iṣẹ́ náà létí láàárín ọjọ́ 14. Tó bá sì jẹ́ báńkì, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ní ìdá 4.9 lè jókòó jẹ́ẹ́ kí aráyé má mọ̀ ọ́n.

Mo wá ṣí àwọn lẹ́tà tí Holdings kọ sí ọjà ìpín-ìdókòwò lóṣù náà. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹwàá, wọ́n ní Ọ̀tẹ́dọlá kò tíì fi ohunkóhun tó àwọn létí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n kọ òmíràn pé òun àti ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Calvados Global Services Limited, tó ń bá a di ṣíà mú, jọ ní ṣíà 1,818,551,625. Gbogbo ṣíà Holdings nígbà náà jẹ́ 35,895,292,791. Mo ṣe ìṣirò náà fúnra mi:

```
1818551625 / 35895292791 * 100 = 5.066
```

Ó fi díẹ̀ lé ní ìdá 5. Nǹkan bí ìdá 95 tó kù wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó ta báńkì fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ló ra ṣíà títí ó fi kọjá ààlà tí orúkọ rẹ̀ kò fi lè fara sin mọ́.

Mo rò pé mo ti ṣetán, àmọ́ kí oṣù náà tó parí, lẹ́tà mìíràn tún jáde. Túndé Hassan-Odùkálẹ̀, tó jẹ́ alága First Bank nígbà náà, ni wọ́n ní òun náà ní ìdá 5.36, bí wọ́n bá ro ti ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó so mọ́ ọn, títí kan ti Leadway. Lẹ́tà yìí ló là mí lójú jù. Ṣíà rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ríròpọ̀ ni wọn kò tíì rò ó pọ̀. Ẹnì kan lè ní ìdá kan lórúkọ ara rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan ní méjì, kí òmíràn tún ní méjì àti ààbọ̀. Kò ní sí èyí tó dé ààlà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà náà, tí mo bá rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí n kò mọ̀ láàárín àwọn tó ní ṣíà, n kì í fò ó.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ni mo máa ń gbé e lọ. Bí èèyàn bá tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí ibi ìwákiri tó wà lórí ìkànnì wọn, á rí nọ́ńbà RC rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, àti bóyá ó ṣì wà láàyè. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n tún ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mìíràn ní bor.cac.gov.ng, tó wà fún orúkọ èèyàn ẹlẹ́ran-ara tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń wá ẹni tó ni ìwé ìròyìn, torí púpọ̀ nínú wọn kò sí lọ́jà ìpín-ìdókòwò. Tiwọn, orúkọ tó wà lókè ojú ewé kọ́ ni mò ń tẹ̀. Ìlà kékeré tó ń sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde ni mo máa ń wò. Lára The Nation, Vintage Press Limited ló máa bá ọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún CAC ló wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Bí kò bá kọ nǹkan kan, òfìfo ni wàá bá, òfìfo yẹn kò sì túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ni ín.

Màámi bi mí pé kí ló wá kan àwọn nínú ẹni tó ni ín, ṣebí èrè ṣíà àwọn ń wọlé. Mo ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2021 kan náà fún wọn. Báńkì Àpapọ̀ kọ̀wé sí First Bank pé kí gbèsè tí Honeywell Flour Mills jẹ di sísan láàárín wákàtí 48. Alága FBN Holdings nígbà náà gan-an ló dá Honeywell sílẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù náà, Báńkì Àpapọ̀ lé gbogbo ìgbìmọ̀ olùdarí báńkì àti ti Holdings lọ. Owó tí báńkì ń yá èèyàn, owó àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ ni. Tí ẹni tó ń yá a bá tún lọ́wọ́ nínú yíyan àwọn tó máa bi í léèrè, ó kan ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà pamọ́, ó sì kan opó tó ń retí èrè ṣíà ọkọ rẹ̀. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n tún ìlà yẹn kà.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mò ń ṣí ojú ìwé yẹn báyìí. Ní oṣù keje ọdún 2023, orúkọ tuntun kan yọ: Barbican Capital, tí òun àti Honeywell jọ so pọ̀, pẹ̀lú ìdá bíi 13.3. Nígbà tó yá, iye tó sọ pé òun ní àti iye tí Holdings kọ sílẹ̀ kò bára mu mọ́, wọ́n sì gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́. Bí ojú ìwé kan ṣoṣo tí mo gbẹ́kẹ̀ lé náà ṣe di ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ọ̀tẹ́dọlá di alága Holdings. Màámi ló tún kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí rédíò, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ìdá mélòó ló wá kù tó wà lọ́wọ́ àwa?"