Mẹ́ntọ́ọ̀lù ò ṣí imú o

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ èyí kí n tó gbàgbé. Tí imú bá dí yín, tẹ́ẹ wá fa ìnhélà tàbí tẹ́ẹ fi róòbù para, àwọn tó ní mẹ́ntọ́ọ̀lù tó máa ń tutù lára nínú, tó wá dà bíi pé ọ̀nà ti là, imú yẹn ṣì wú bó ṣe wú tẹ́lẹ̀ o.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iṣan ìmọ̀lára inú imú ní ibi tó fi ń mọ òtútù, afẹ́fẹ́ tútù tá à ń mí sínú ló sábà máa ń ta á jí, ìyẹn ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé atẹ́gùn ń wọlé. Mẹ́ntọ́ọ̀lù náà máa ń ta ibẹ̀ gan-an jí láìsí òtútù kankan, ọpọlọ á wá gbà pé atẹ́gùn ti pọ̀.

Ẹ dán an wò. Ẹ gbé jígí tútù sábẹ́ imú, ẹ mí jáde, ẹ wo bí ìkùukùu omi tó hàn lábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ẹ fa mẹ́ntọ́ọ̀lù, ẹ tún un ṣe. Ihò tó dí, tiẹ̀ á ṣì kéré, bó tiẹ̀ ń ṣe yín bíi pé ó ti là.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó o, ó máa ń jẹ́ kéèyàn rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi róòbù sínú ihò imú, ẹ má sì fi pa ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2 rárá. Tí èémí bá ń há lóòótọ́, tí àyà ń han, dókítà lẹ máa wá, kì í ṣe róòbù.