Bí a ṣe tún ìkéde fídíò ọjọ́ ìlú ṣe fáwọn ará wa lókè òkun

Ẹ̀yin ará Ekiti tó ń ṣe fídíò ìkéde fáwọn ẹbí tó wà nílẹ̀ òkèèrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo eléyìí. Tiwa n'Ìkọ̀lé, 5/12 ló wà lójú fídíò, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù kà á bó ṣe yẹ, àmọ́ àwọn ọmọ Hústọ̀n ń bi ìyá wọn pé ṣé oṣù karùn-ún kọ́ ló ti kọjá yẹn, torí l'Amẹ́ríkà oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́.

A wá kọ orúkọ oṣù jáde, Dìsẹ́ḿbà, nínú Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, a sì to aago sísàlẹ̀: Ìkọ̀lé 4 ìrọ̀lẹ́, Lọ́ńdọ́ọ̀nù 3 ọ̀sán, Tòróńtò àti Niú Yọ́ọ̀kì 10 àárọ̀, Hústọ̀n 9 àárọ̀. Tó bá jẹ́ oṣù kẹjọ lẹ fẹ́ ṣe tiyín, ẹ má da aago yìí kọ o, torí wọ́n máa ń sún aago tiwọn síwájú nígbà yẹn, Lọ́ńdọ́ọ̀nù á bá tiwa dọ́gba, Niú Yọ́ọ̀kì á di 11.

Yorùbá là ń fẹnu sọ, Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀, ìlà méjì péré lẹ́ẹ̀kan, kó dúró bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà. Níbi oríkì, a kàn kọ pé oríkì ìlú ni wọ́n ń kì, ká jẹ́ kí wọ́n gbádùn ohùn ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pa ohùn fídíò, kẹ́ ẹ fún ọmọ tí ò gbọ́ Yorùbá wò, kó sọ ọjọ́, aago àti ibi tí ẹ ti ń ṣe é.