Bí mo ṣe gba nọ́ńbà obìnrin kan lórí Tinder láì lé e sá

Ìbàdàn ni mo wà, apá Bódìjà, ọdún tó kọjá ni mo sì wọ Tinder, áàpù tí wọ́n ti ń wá olólùfẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí èmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ sọ̀rọ̀ dáadáa níbẹ̀, ọjọ́ kejì ni mo ti bèèrè nọ́ńbà. Ohun tí mo kọ gan-an ni pé "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín, mi ò kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibí." Kò fèsì, nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ yẹn ó ti yọ mí kúrò, mi ò rí ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ mọ́ rárá. Ó dùn mí gan-an torí ọ̀rọ̀ wa ń lọ geere, mi ò sì rò pé mo sọ nǹkan tí ò dáa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló là mí lóye. Òun náà ti lo áàpù yẹn rí kó tó lọ́kọ, mo wá ro ẹjọ́ fún un. Kò tiẹ̀ dá mi lóhùn, fóònù tiẹ̀ ló gbé, ó wọ OPay bí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́, ó tẹ nọ́ńbà mi síbẹ̀, ó yọ òdo iwájú kúrò, kí n tó ṣẹ́jú orúkọ mi ti jáde, tòun ti orúkọ bàbá wa. Ó tún tẹ nọ́ńbà kan náà sínú Truecaller, ohun tí ẹnì kan tí mi ò mọ̀ fi sàmì sí mi nínú fóònù tiẹ̀ ló tún gbé jáde. Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí? Orúkọ kan péré ni obìnrin yẹn kọ sórí Tinder, ọjọ́ kejì tí ẹ mọra lo ní kó fún ẹ ní orúkọ bàbá ẹ̀." Ó tún rán mi létí pé láti ìgbà tí wọ́n ti so síìmù mọ́ NIN, pípa nọ́ńbà tì kì í ṣe nǹkan tí èèyàn kàn ń ṣe bó ṣe wù ú mọ́, báńkì wà lórí ẹ̀, iṣẹ́ wà lórí ẹ̀, tí ẹni tí o fún bá wá di ìyọlẹ́nu, ìwọ ni wàhálà kù fún.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ohun tó sọ nípa gbólóhùn mi. Ó ní "mi ò kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibí" yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ń fi ìfẹ́ lu jìbìtì ni. Wọ́n máa ń fẹ́ kó èèyàn kúrò lórí áàpù kíákíá, kí wọ́n tó fẹjọ́ wọn sùn, kí wọ́n tó pa àkáǹtì wọn. Nítorí náà obìnrin tó bá ti wà níbẹ̀ fún oṣù méjì, ó ti gbọ́ gbólóhùn yẹn sú, tó bá ti rí i, ó ti parí.

Mo wá yí ọwọ́ padà. Ẹni tó tẹ̀lé e, mo fara balẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí n tó bèèrè, mo sì bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní "Ẹ jẹ́ ká ṣì wà níbí ná." Mo ní kò burú, mo sì bá ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lọ, mi ò bèèrè ìdí, mi ò sì tún un bèèrè mọ́. A sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó wá tán díẹ̀díẹ̀ fúnra ẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ká dúró níbí ná ti sọ tẹnu ẹ̀, téèyàn bá tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó ń sọ ni pé òun ò gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Àmọ́ mo ṣì rí i pé nǹkan kan kù nínú bí mo ṣe bèèrè yẹn. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi nọ́ńbà ẹ̀ ṣe. Mo kàn fẹ́ ní in ni.

Ẹni kẹta ni mo wá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ ní kíkún. Nínú fọ́tò ẹ̀ kan, ó dúró sí ẹ̀yìn ilé, ata wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èmi náà ń gbin ata àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìn ilé, ni mo bá kọ ọ́ pé "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé rodo nìyẹn àbí ṣọ̀ǹbọ̀?" Ó fèsì pé rodo ni, àmọ́ agídí ló ń ṣe, òdòdó ń yọ, kò so. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ka ọjọ́, ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá ni mò ń wò. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, èmi nìkan ló ń bèèrè nǹkan, òun kàn ń dáhùn. Ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè tèmi náà, iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, ta ló kọ́ mi ní ọ̀gbìn. Ọjọ́ kẹrin, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó ti kọ "Ẹ kú àárọ̀ o, òjò kan rọ̀ lọ́dọ̀ wa lóru", kì í ṣe pé mo kọ nǹkan kan sílẹ̀ tó ń fèsì sí, òun ló dá a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá ń mú ìròyìn òjò àdúgbò ẹ̀ wá fún ẹ láì jẹ́ pé o bèèrè, ọ̀rọ̀ yín ti kúrò ní ti ọ̀wọ̀ lásán. Tó bá jẹ́ pé "okéè" àti "hmm" lò ń rí ni, má wulẹ̀ dá a láṣà.

Èyí tó wá jẹ́ àmì tó dá mi lójú jù, inú èdè Yorùbá tí a ń sọ ló ti jáde. "Ẹ" ni àwa méjèèjì ń sọ síra wa látìbẹ̀rẹ̀, torí a ò mọra. Ọjọ́ kẹfà ló kọ ọ́ pé "Ẹ yéé sọ ẹ sí mi mọ́ jọ̀ọ́, ẹ ti ju mí lọ." Mo ní ó dáa, ìwọ náà sọ "o" sí mi. Ó kọ́kọ́ ń ṣì í kọ, yóò kọ "ẹ", yóò tún kọ "o" nínú gbólóhùn kan náà, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ó ti mọ́ ọn lára. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ já "ẹ" sílẹ̀. Ká ní èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é, ó lè rí i bí àrífín, ó sì lè rí i bí ẹni tó ń kánjú, ìkánjú yẹn gan-an sì lohun tí wọ́n ń sá fún.

Ọjọ́ kẹsàn-án, lálẹ́, ó ní ewé ata òun ti ń ká kò, ó ń sún kì. Ewé ata lè ká torí oríṣiríṣi nǹkan, kòkòrò lè wà lábẹ́ ẹ̀, àìsàn lè ti mú un, mi ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ láì rí i. Tinder ò sì gba kéèyàn fi fọ́tò ránṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó yá. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ó máa dáa kí n rí ewé yẹn lójú, ibí ò sì gba fọ́tò. Nọ́ńbà mi rèé, WhatsApp wà lórí ẹ̀, tó bá wù ẹ́ kí o fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Tó bá sì wù ẹ́ ká ṣì wà níbí, kò séwu, ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Kó tó dìgbà yẹn, yí ewé yẹn padà, wo abẹ́ ẹ̀, ṣé kòkòrò funfun kéékèèké wà níbẹ̀? Tó bá wà, da ọṣẹ díẹ̀ sómi, fi fọ abẹ́ ewé náà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́."

Mi ò ní kó fún mi ní tiẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi tèmi sílẹ̀, nítorí mo ti mọ ohun tó wà nínú nọ́ńbà, ó dáa kó jẹ́ orúkọ tèmi ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò tó bá wù ú. Ìparí ọ̀rọ̀ yẹn ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Mo ti sọ ohun tó máa ṣe sí ata ẹ̀ tán kó tó pinnu. Ká ní mo dì í mú pé àfi tó bá wá sí WhatsApp, á jẹ́ pé mo fi ata ẹ̀ dó gò nìyẹn, yóò sì rí i bẹ́ẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó fèsì, bí ogójì ìṣẹ́jú. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Ọkàn mi ò balẹ̀ o, ó ń ṣe mí bíi kí n kọ "má bínú" sí i, mo sì mọ̀ pé tí mo bá kọ ọ́, á dà bíi pé mo ṣe ohun tí ò dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fọ abọ́.

Nígbà tí mo padà dé, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ti kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Kí n tó fi fọ́tò ránṣẹ́, sọ orúkọ ẹ àti irú ata tí mo gbìn nínú fóìsì nóòtì." Inú mi dùn sí i. Ẹni tó bá ń lo fọ́tò ẹlòmíì máa ń yẹra fún irú ẹ̀, yóò ní fóònù òun ti bàjẹ́ tàbí pé ariwo wà níbi tóun wà. Mo sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo sì ti tún WhatsApp mi ṣe láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, torí fọ́tò kéèkì ọjọ́ ìbí màmá mi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí mò ń jẹ́ lórí Tinder. Mo ti fi ojú kan náà àti orúkọ kan náà síbi méjèèjì. Tí ẹni tó mọ̀ ẹ́ sí nǹkan kan bá dé WhatsApp tó bá orúkọ mìíràn níbẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé ọjọ́ mẹ́sàn-án á wọmi.

Fọ́tò ewé náà wọlé. Kòkòrò funfun kún abẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ata yẹn nìkan la sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò pè é. Ọjọ́ kejì ni mo bèèrè pé ṣé mo lè pè é lọ́wọ́ alẹ́, ó ní kí n jẹ́ kóun jẹun tán, aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́sàn-án ni mo pè é, a sì sọ̀rọ̀ títí iná fi lọ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà la ríra, lọ́sàn-án Sátidé, níbi ìjẹun kan ní Bódìjà tí èrò pọ̀ sí, òun ló mú ibẹ̀. Ó fi ọ̀rá kékeré kan lé tábìlì kó tó jókòó. Ata rodo mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, àwọn àkọ́so.