Bí mo ṣe ṣe ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ nínú àwòrán pálọ̀ kan ní Ìbàdàn

Ayàwòrán-ilé kan ló gbé iṣẹ́ náà fún mi: àwòrán pálọ̀ kan ṣoṣo, nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ ní Ìbàdàn. Fèrèsé ńlá kan kọjú sí ààrin gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, àgbàlá ilẹ̀ pupa sì wà níwájú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí onílé rí bí pálọ̀ náà yóò ṣe rí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kejìlá. Blender 4.2, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán 3D, ni mo lò, Cycles tó wà nínú rẹ̀ tó ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn ló sì rẹ́ńdà rẹ̀.

Oòrùn ni mo kọ́kọ́ yanjú. Ní àárín oṣù Kejìlá, tí aago mẹ́rin bá lù ní Ìbàdàn, oòrùn ti sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 32, ó sì ti yà sí ìhà tí fèrèsé yìí kọjú sí. Mo lo Sky Texture, tó ń ṣe oòrùn àti ojú ọ̀run, mo yan irú tí wọ́n ń pè ní Nishita, mo kọ 32 sí Sun Elevation. Sun Size tó bá a wá, 0.545, ni mo fi sílẹ̀, torí pé bí oòrùn ṣe tóbi lójú wa náà nìyẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ńlá á rí i pé etí òjìji á rọ̀, bíi pé gílóòbù ló wà níta. Torí ọyẹ́, mo gbé Dust sókè sí 3, ojú ọ̀run sì funfun díẹ̀ bó ṣe máa ń rí lásìkò náà.

Lẹ́yìn èyí, mi ò fọwọ́ kan agbára oòrùn tàbí ti ojú ọ̀run mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn, tí pálọ̀ bá ṣókùnkùn, iná ni wọ́n máa ń gbé sínú ẹ̀ tàbí kí wọ́n fi kún agbára ojú ọ̀run nìkan. Ojú ẹni tó ń wò ó á mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀, bí kò tiẹ̀ lè sọ ibi tó wà, torí pé ìmọ́lẹ̀ inú ilé kò bá ti ìta dọ́gba mọ́.

Ògiri ló kàn. Ọ̀dà funfun kì í dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ padà, nítorí náà 0.8 ni mo fi ṣe àwọ̀ ògiri, kì í ṣe 1. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ta lára ògiri 0.8 lẹ́ẹ̀mẹrin, nǹkan bíi 0.41 rẹ̀ ṣì kù, bẹ́ẹ̀ ibi 4 gan-an ni Diffuse, ìyẹn iye ìgbà tí Cycles ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta lára nǹkan bí ògiri, ti máa ń dúró tí a kò bá yí i. Igun pálọ̀ tó jìnnà sí fèrèsé ni àdánù yẹn máa ń hàn sí. Mo gbé Diffuse lọ sí 12 (kí ẹ gbé Total náà tó 12), igun náà sì là.

Ìgbà yẹn ni mo tó dé orí Exposure, èyí tó wà lábẹ́ Color Management. Bí ẹ bá fi 1 kún un, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ní -3, ilẹ̀ ìta dára gan-an, àmọ́ inú ilé dúdú. Mo tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì mọ́lẹ̀ lórí àwòrán láti ka ìmọ́lẹ̀ ògiri ẹ̀yìn: 0.35. Inú ilé ni onílé fẹ́ rí, nítorí náà ògiri yẹn ni mo tẹ̀ lé. Ní 0.5, ó di nǹkan bíi 0.5, tó mọ́lẹ̀ tí kò sì tíì ṣá.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa ìta, tó jẹ́ 2.8 ní pupa, 1.3 ní àwọ̀ ewé, 0.5 ní búlúù, ti di 4.0, 1.8 àti 0.7. Ojú kọ̀ǹpútà kò lè fi ohun tó kọjá 1 hàn. Lábẹ́ Standard, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí View Transform ń gbà sọ ìmọ́lẹ̀ di àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n gé pupa àti àwọ̀ ewé sí 1, ilẹ̀ pupa wá di yẹ́lò tó ń tàn. Ẹni tó bá ti tẹ ilẹ̀ Ìbàdàn rí kò ní gbà á. Mo yí View Transform sí AgX. Òun kì í gé e. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fún ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù mọ́ra, tí àwọ̀ náà sì ń ṣá lọ sí funfun. Ilẹ̀ náà padà di pupa rẹ́súrẹ́sú, bí a ṣe ń rí i látinú ilé nígbà tí oòrùn bá ń ràn.

AgX máa ń jẹ́ kí gbogbo àwòrán rọ̀ díẹ̀, nítorí náà mo mú Look lọ sí Medium High Contrast kí òjìji abẹ́ àga lè dúdú dáadáa.

Ayàwòrán-ilé náà pè mí: “Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ṣé ojú ọ̀run yìí ò funfun jù?” Mo ní, “Ó funfun lóòótọ́, mà, ṣùgbọ́n bí fọ́tò gidi náà ṣe máa ń yọ nìyẹn. Mo lè dín in kù, àmọ́ inú ilé náà á ṣókùnkùn.” Mo ti fi rẹ́ńdà náà pamọ́ sí OpenEXR, tí AgX àti Exposure kò lẹ̀ mọ́, nítorí náà kò sídìí láti tún un rẹ́ńdà. Mo sọ Exposure di 0 fún wọn, mo fi méjèèjì ránṣẹ́ ní PNG. Ti 0.5 ni wọ́n mú lọ fún onílé.